Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lábẹ́ Àwòrán Tó Ti Pòórá

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà lórí fóònù mi tí mo ti fẹ́ pa rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọwọ́ mi kò gbà. Ẹni tó bá ṣí i báyìí yóò rí àwòrán kan tó ṣú bàìbàì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo òde láti inú gíláàsì dánfó tí òjò ń rọ̀ sí, yóò rí àmì ọfà kékeré kan tó dorí kodò láàárín rẹ̀, yóò sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀: “Answer”. Kò sí “ẹ káalẹ́, Ańtí”, kò sí àmì ìbéèrè pàápàá. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́ ló fi ránṣẹ́, nínú yàrá kan tí a háyà ní Bárígà fún àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ́kì. Ọmọ tó mọ̀wọ̀ fágbà ni lójúkojú, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ìwà kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nígbà tí mo jókòó láti dá ọmọ náà lóhùn, àwòrán ìbéèrè rẹ̀ ti lọ, ohun tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ kò sì tó ohun tí olùkọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀bi mi wà nínú bí àwòrán náà ṣe lọ, n kò ní fi bò. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló fi ránṣẹ́, nígbà tí a ti pa lẹ́sìn tì fún ìsinmi Kérésìmesì. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wò ó fìrí, mo rí òbìrí kan, mo rí nọ́ńbà 110, mo sì sọ nínú ara mi pé ìbéèrè kékeré nìyí, n ó dá a lóhùn tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo gbàgbé. Kí oṣù náà tó parí, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kò sí àyè mọ́, ni mo bá ṣí gálárì, mo sì gbá gbogbo ohun tí Wásáàpù ti kó síbẹ̀ dànù: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí n kò ní lọ, àdúrà oníkáàdì tí wọ́n fi òdòdó yí ká. Ìbéèrè ọmọ ọlọ́mọ bá wọn lọ. Nígbà tí a wọlé padà ní àárín oṣù Kìíní, ó wá bá mi lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, ó ní, “Ańtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.” Mo ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo tẹ ọfà kékeré yẹn, fóònù sì sọ fún mi pé àwòrán náà kò sí mọ́, kí n ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́.

Mo ní kó tún un fi ránṣẹ́. Fóònù ìyá rẹ̀ ló fi yà á, ìyá rẹ̀ sì ń ta ata nínú ọjà, ẹni tí àwọn oníbàárà máa ń fi àwòrán ẹ̀rí owó ránṣẹ́ sí láti àárọ̀ dalẹ́, tó sì máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kí fóònù lè mí. Tirẹ̀ náà ti lọ. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó ti yà á, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n máa ń tẹ̀ ní Ṣómólú tí wọ́n sì ń so ní èèpo láwọ̀ búlúù, kì í ṣe tirẹ̀, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, ọ̀rẹ́ náà sì ti gbé e lọ sí Ìkòròdú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láàárín èmi àti ọmọ náà, nínú fóònù méjì, “Answer” nìkan ló kù nínú gbogbo ìbéèrè yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwòrán tí a bá fi ránṣẹ́ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ṣe wà nínú àpòòwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà tẹ àmì ìfiránṣẹ́, fóònù ìyá rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kan ti àwòrán náà pa, ó gbé e lọ sí orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ló wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ tó kọ, àdírẹ́sì ibi tí àwòrán náà wà, kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí i, àti ẹ̀dà kékeré tó ṣú bàìbàì tí a máa ń rí kí àwòrán gangan tó wọlé. Fóònù mi ló wá lọ fà á wálé. Bí ẹ̀dà tó wà lórí fóònù mi bá ti lọ, àfi kí n tún padà lọ fà á níbẹ̀, wọn kì í sì í tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ títí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín pàápàá, 30 ọjọ́ ni wọ́n ń fún un kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ ní tirẹ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an. Ìlà méjì kò tó kílóbáìtì kan, nígbà tí àwòrán ojú ìwé kan a máa ju ọgọ́rùn-ún kílóbáìtì lọ, kò sì sí ẹni tó máa ń ṣí gálárì lọ gbá ọ̀rọ̀ dànù nítorí àyè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń kù tí àwòrán fi ń lọ, ìdí náà sì nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí a bá kọ sábẹ́ àwòrán ni yóò dúró fún ìbéèrè wa lọ́jọ́ tí àwòrán kò bá sí mọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwòrán fi ń lọ, tó yá ju èyí lọ. Láti ọdún 2021 ni Wásáàpù ti ní àmì 1 kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán; ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yóò lè ṣí àwòrán náà, bí kò bá sì ṣí i láàárín ọjọ́ 14, ó lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sí mi rí. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣí i, ní Ojúẹlẹ́gba, mo pa á dé láti sanwó fún kọ̀ńdọ́, mo sì rò pé n ó tún wò ó nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí “Answer”. Ìdáhùn ni àbí ẹ dáhùn? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ń ní kí n bá òun ṣe é. Ó lè jẹ́ pé òun ti ṣe é, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún lè jẹ́ pé ojú ewé tí wọ́n kọ ìdáhùn sí lẹ́yìn ìwé ló yà, tó wá sọ orúkọ ohun tó yà fún mi. Ká ní Yorùbá ló fi kọ ọ́, ì bá ti là á díẹ̀, nítorí kò lè sọ fún mi pé “dáhùn” láìfi “ẹ” síwájú rẹ̀, bí ó bá sì ti kọ “ẹ”, mo ti mọ̀ pé èmi ló ń ní kó ṣiṣẹ́. Èyí kéré, ṣùgbọ́n ó ju òfo lọ.

Àwọn kan yóò ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀, àbọ̀ sì ni nǹkan tó ní ìdajì nínú ohun tó yẹ kó wà. Nígbà tí àwòrán ṣì wà, “Answer” lè jẹ́ àbọ̀, nítorí àwòrán ni ìdajì kejì. Nígbà tí àwòrán lọ, kò sí ohun tó kù tí inú ọmọlúàbí lè sọ di odindi.

Síbẹ̀, mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di odindi, ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Mo rántí òbìrí, mo rántí 110. Mo sọ fún un pé, “55 dígírì ni. Igun tó wà ní ààrín òbìrí jẹ́ ìlọ́po méjì igun tó wà ní etí rẹ̀, pín 110 sí méjì.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ wò ó bí n kò ṣe ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya òbìrí kan sórí bébà, kí ẹ fi O sí ààrín rẹ̀. Ẹ fi A àti B sí etí rẹ̀, kí ẹ fa ìlà láti O dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì jẹ́ 110 dígírì. Títí dé ibí, gbogbo ohun tí mo rántí wà lórí bébà náà. Ó ku ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ igun ACB ni, tí C sì wà ní apá ńlá etí òbìrí, ní òdìkejì ibi tí A àti B ti súnmọ́ ara wọn, ìdáhùn jẹ́ 55. Ṣùgbọ́n bí C bá wà ní apá kékeré, láàárín A àti B, kì í ṣe 110 ni a ó pín sí méjì mọ́. Igun tó kọjú sí òdìkejì C ni a ó pín, ìyẹn 360 tí a yọ 110 kúrò nínú rẹ̀, tó jẹ́ 250, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 125. Bí kò bá sí C rárá, tó jẹ́ pé wọ́n fa ìlà láti A dé B tí wọ́n sì ń béèrè igun OAB, igun mẹ́ta OAB ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba, a ó yọ 110 kúrò nínú 180, yóò ku 70, a ó pín in sí méjì, 35 ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlà méjì ló kan etí òbìrí lójú kan ṣoṣo, ọ̀kan ní A, èkejì ní B, tí wọ́n pàdé níta ní T, igun ATB jẹ́ 70.

35, 55, 70, 125. Ìdáhùn mẹ́rin, òbìrí kan, nọ́ńbà kan. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò yìí rí mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gan-an ni ẹni tó ṣètò ìbéèrè yóò tò sí A, B, C àti D, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bọ́ sí nígbà tó bá ṣi àwòrán náà kà. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò sì ju “nínú àwòrán òkè yìí, O ni ààrín òbìrí, wá x” lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sọ ibi tí C wà. Àwòrán ló sọ ọ́. Ẹ̀dà bàìbàì tó kù sí mi lọ́wọ́ sì fi hàn mí pé ohun róbótó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà mélòó kan, bó ṣe máa fi hàn mí nìyẹn bó bá jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí ló dé tí mo fi sọ 55? Nítorí pé òun ló wọ́pọ̀ jù. Òun ni mo máa ń yà sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú mi ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìrántí mi ti ní ihò, ohun tí ojú mi ti mọ̀ ló yára wọ inú rẹ̀, n kò sì mọ̀ pé mo ń méfò. Ohun tó yẹ kí n bi ara mi ni pé: ọ̀rọ̀ wo, tàbí ìlà wo, ló sọ fún mi pé apá ńlá ni C wà? Kò sí. Nígbà tí mo bá bi ara mi báyìí tí n kò sì rí ohun tí mo lè fọwọ́ kàn, mo ti mọ̀ báyìí pé mi ò tíì ní ìbéèrè kankan lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá. “Ańtí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé D ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé.” Ẹ̀yìn àwọn ìwé yẹn, lẹ́tà nìkan ni wọ́n máa ń tò síbẹ̀, láìsí nọ́ńbà, láìsí àlàyé. D láìsí àwọn ohun tí a fẹ́ mú nínú wọn dà bí orúkọ òpópónà láìsí orúkọ àdúgbò. Èèyàn lè ní wọ́n máa ń tò ó láti kékeré sí ńlá, pé D yóò jẹ́ èyí tó tóbi jù; wọ́n tún máa ń tò ó láti ńlá sí kékeré. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn jí mi lójú oorun. Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò bi í pé báwo ni àwòrán náà ṣe rí, nítorí ẹni tí a bá bi báyẹn yóò ní, “Ó jẹ́ òbìrí kan báyìí.” Mo ní, “Tí o bá gbé ìka lé A, tí o sì tọ etí òbìrí náà gba ọ̀nà tó kúrú lọ sí B, ṣé o máa pàdé C lójú ọ̀nà?” Ó wo òkè àjà. Ó ní C wà ní etí òbìrí náà, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú bóyá ojú ọ̀nà yẹn ló wà. Mo ní kó gbàgbé lẹ́tà, kó sọ ohun tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jọ papọ̀, O sí A, A sí C, C sí B, B padà sí O. Ojú rẹ̀ là. “Káìtì, Ańtí. Ó dà bí káìtì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré lórí ilé.”

Ìdáhùn ti dé. Bí C bá wà ní apá ńlá, ìlà mẹ́rin yẹn kò lè dà bí káìtì láéláé. Yóò dà bí orí ọfà, nítorí O yóò wọ inú, yóò ya ikùn rẹ̀ sẹ́yìn. Apá kékeré nìkan ni C ti lè bá O ṣe káìtì. 125 ni. Mo ní kó fagi lé 55 tí mo fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́, nítorí ó ti ń fi àṣìṣe mi kọ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìwé náà dé láti Ìkòròdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a ṣí i papọ̀: káìtì ni lóòótọ́, 125 ló sì wà níwájú D.

Ohun tó ń dùn mí ni bí ohun tí ì bá ti gbà wá ṣe kéré tó. Bí ó bá ti kọ ìlà kan péré sí abẹ́ àwòrán náà, irú èyí:

“Ẹ káalẹ́, Ańtí. O ni ààrín òbìrí, igun AOB jẹ́ 110, C wà láàárín A àti B ní apá kékeré, wọ́n ní ká wá igun ACB. Mo rí 55 ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ní D, 125.”

Àwòrán ì bá lọ, ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣì wà. Ẹ tún wo gbólóhùn ìkẹyìn nínú rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ọmọ kì í fẹ́ kọ. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ ohun tí àwọn ti ṣe, a ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní gbogbo ìyókù sọnù pàápàá, “mo rí 55, ẹ̀yìn ìwé ní 125” yóò sọ ibi tí C wà fún mi, nítorí pé 55 àti 125 papọ̀ jẹ́ 180, èyí sì ni ohun tí igun méjì máa ń jẹ́ bí ọ̀kan bá wà ní apá ńlá tí èkejì sì wà ní apá kékeré. Àṣìṣe ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ì bá ya àwòrán náà padà fún mi. Ẹ̀wẹ̀, èèyàn kì í mọ ohun tó ń ṣe ọmọ láti inú ìbéèrè nìkan. Ẹni tó gba 55 àti ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò fẹ́ àlàyé kan náà.

Àwọn kan máa ń kọ “Wáẹ́kì ọdún báyìí, nọ́ńbà 32”, wọ́n sì rò pé ó tán. Ó dára ju “Answer” lọ, ṣùgbọ́n Wáẹ́kì ń ṣe ju ìdánwò kan lọ lọ́dún, ti àwọn ilé ìwé yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń dá ṣe é, ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn alátẹ sì ti tún ìbéèrè tò lórí kókó, nọ́ńbà 32 tiwọn kì í ṣe 32 ti bébà gangan.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ lè rọ́pò àwòrán nígbà gbogbo. Gíráàfù tí a ti fa tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní ká ka nǹkan lórí rẹ̀, kò ṣeé fi ẹnu sọ tán, àwòrán tí wọ́n fi àwọ̀ kun apá kan rẹ̀ pẹ̀lú sì lè gba ìlà mẹ́fà. Nírú ìyẹn, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé tiwọn kí wọ́n tó dá ìwé padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n òbìrí, igun mẹ́ta, ìlà tó kan òbìrí, gbogbo wọn ló ṣeé sọ, bí a bá ti sọ ètò tí àwọn lẹ́tà tẹ̀lé yí ká àti ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé láti fóònù alátà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ańtí”, ó gùn tó ìlà márùn-ún, àwòrán wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà wà, ohun tó rí wà. Igun mẹ́rin tó wà nínú òbìrí ni, ó pè é ní PQRS, ó sì ní igun P jẹ́ 84, òun rí 84 fún R pẹ̀lú. N kò ṣí àwòrán náà. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò tó, mo sì rí i pé kò sọ bóyá gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kan etí òbìrí àbí ọ̀kan nínú wọn ni ààrín. Mo kọ ọ́ padà bẹ́ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí èsì fi dé: “Gbogbo wọn ló kan etí, Ańtí, kò sí O níbẹ̀.” Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé R jẹ́ 96.